Ọjọ́ Mẹ́ta-Mẹ́ta ti Màmá Nọ́ọ̀sì

Kí ẹlòmíràn tó bá yín sọ̀rọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, nítorí èmi ni mo bá wọn jókòó sí ọ́fíìsì fún ọdún mẹ́sàn-án, èmi náà sì ni mo ṣe é tí ojú fi tì wọ́n lọ́jọ́ ogbó wọn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn kan ní Bódìjà máa ń sọ pé obìnrin náà le, pé wọn kì í rẹ́rìn-ín. Irọ́ gbuu ni. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín dáadáa, wọn kì í kàn ṣe é nídìí ọgbẹ́ ni.

Láwùmí Àyàndìran lorúkọ wọn. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ọmọ díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, obìnrin gíga tó ṣì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun sí bàtà títí di òní. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì ìjọba. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí ọkọ wọn sì ti kú, àwọn ọmọ wọn ní kí wọ́n máa bọ̀ lókè òkun kí wọ́n wá sinmi. Wọ́n ní sinmi kí ni. Wọ́n gbá yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Bódìjà mọ́, wọ́n gbé tábìlì kan síbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ di ọgbẹ́ fún àwọn aláìsàn láti ilé dé ilé: ẹni tí àtọ̀gbẹ dá ọgbẹ́ sí lẹ́sẹ̀, ẹni tí ìdùbúlẹ̀ ti bó lẹ́yìn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Báàgì kan ṣoṣo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni wọ́n sì ń wọ̀ kiri.

Èmi Ṣùkúrát, ọmọ Ìgbòho, ni wọ́n gbà kí n máa gbé fóònù. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan la fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí Màmá bá ti ọ̀dọ̀ aláìsàn tuntun dé, wọ́n á sọ irú ọgbẹ́ tó jẹ́, èmi á kọ ọ́. Mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ wọn lórí ìyẹn. Ọgbẹ́ tó ṣì tutù, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Èyí tó ti ń gbẹ, ọrún-ọrún, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún. Èyí tó kù díẹ̀ kó jinná, ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Bí àwọn àgbà Ṣakí ṣe ń ka ọjọ́ ni wọ́n ṣe ń kà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe ń kà á ní Ìgbòho: ọjọ́ tí o wà nínú rẹ̀ ni o máa kọ́kọ́ kà. Bí nọ́ọ̀sì bá di ọgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé, Ajé ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni èjì, Ọjọ́rú ni ẹ̀ta. Ọjọ́rú ló máa padà lọ. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí, n ò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ náà gbèrú. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹfà, nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló ń bá wa ṣiṣẹ́, aláìsàn sì lé ní ogójì, láti Baṣọ̀run títí dé Challenge. Ìwé ò gba iṣẹ́ náà mọ́. Lọ́jọ́ kan mo fo orúkọ ìyá kan ní Ring Road, ìyá náà sì gbé ẹsẹ̀ lé àpótí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń retí wa. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn ní kí n wá nǹkan ṣe sí i.

Ohun tí mo ṣe rèé, mo sì máa fọ́nnu díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo rí ọ̀kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ní èèyàn ò ní láti mọ kóòdù kó tó lò ó. Àpótí-àpótí ló wà lójú kọ̀ǹpútà. O máa fà wọ́n, o máa so ọ̀kan mọ́ èkejì: bí nọ́ọ̀sì bá fi fóònù kún fọ́ọ̀mù pé òun ti di ọgbẹ́ lágbájá, kí ẹ̀rọ kọ ọ́ sínú ìwé onílà tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó ka ọjọ́ síwájú, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ tó bá kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tò ó. Èmi tí mo gba òdo nínú ìṣirò ní girama! Níbi tí ẹ̀rọ ti bi mí pé ọjọ́ mélòó ni kí òun fi kún un, mo fi méjì síbi ọgbẹ́ tutù, mo fi mẹ́rin síbi èyí tó ń gbẹ, mo fi méje síbi èyí tó fẹ́ jinná. Ẹ̀rọ kì í ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀, ọ̀la ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ló kàn tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, Ọlọ́run sì mọ̀ pé mo gbádùn rẹ̀. Bí Màmá bá ní kí a yí nǹkan padà, ìṣẹ́jú méjì ni. Bí ìgbésẹ̀ kan bá kùnà, mo máa rí i ní pupa lójú kọ̀ǹpútà, màá sì mọ ibi tó ti kùnà. Àmọ́ ó ń jẹ dọ́là. Oṣooṣù la ń sanwó rẹ̀, iye ìgbésẹ̀ tó bá máa gbé la sì ń rà: kó ka ìlà kan, ìgbésẹ̀ kan, kó ṣírò ọjọ́, ìgbésẹ̀ kan, kó ránṣẹ́, ìgbésẹ̀ kan. Fún aláìsàn tó lé ní ogójì, kí ló máa kù? Lóṣù kan, ìgbésẹ̀ tí a rà tán lọ́jọ́ kẹtàlélógún, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Ìmeèlì tó fi sọ fún wa wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Lóṣù mìíràn, báńkì ò jẹ́ kí káàdì náírà wa san dọ́là, àwọn tó ni ẹ̀rọ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa fún odindi ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjèèjì yẹn, èmi ni mo ń pe nọ́ọ̀sì, tí mò ń pe aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ohùn mi fi há.

Ìgbà yẹn ni Luke wọlé. Luke Olúwadáre, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, akọrin ni nínú ìjọ Màmá, kóòdù kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀, yàrá kan ló sì ń gbé ní Agbowó, lókè ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì. Ọmọ dáadáa ni, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó sọ fún Màmá pé òun á fọwọ́ ara òun kọ tiwọn, pé orí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n ń háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa wà, tí owó rẹ̀ lọ́dún kan ò tó owó oṣù mẹ́ta ti ẹ̀rọ mi, pé owó àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan la ó máa san lé e. Kò ní sí pé ìgbésẹ̀ tán. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ò bá lọ, á tún un rán. Bí kò bá lọ títí, á fi tó òun létí. Ó ní, "Tiyín ni yóò jẹ́, mà. Kò sẹ́ni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ yín."

Mo bi í pé bí òun bá rìnrìn àjò ńkọ́, ta ló máa lè ka ohun tí òun kọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò le. Kò le fún òun! Màmá wo ìwé owó dọ́là, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí Luke máa ṣe é lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí wọra. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe, tí Màmá yìn mí sí lójú gbogbo nọ́ọ̀sì, ni ẹnìkan fẹ́ fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin pa rẹ́. Nígbà tí Luke wá jókòó tì mí, tó ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wo bí mo ṣe to tèmi kí òun lè mọ òfin rẹ̀, mo ní kó lọ bi Màmá, ṣebí àwọn ló niṣẹ́. Mo pa kọ̀ǹpútà mi dé. Ó lọ bi Màmá. Màmá sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́: ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ọrún-ọrún, ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́jọ. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí kóòdù Luke bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an ni Bàbá Ikúbọlájẹ́ di aláìsàn wa. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí wọ́n ń gbé Baṣọ̀run pẹ̀lú àbúrò wọn obìnrin. Ìṣó gún wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, àtọ̀gbẹ ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ títí ibẹ̀ fi rà. Láràárọ̀ ni Bàbá máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sídìí àwọn oníwèé ìròyìn tó wà ní ìkóríta, wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á bá àwọn ojúgbà wọn jiyàn, wọ́n á tó padà sílé. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ tú ọgbẹ́ náà wò, èmi ni mo gbé báàgì tẹ̀ lé wọn. Bàbá di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e."

Màmá kì í ṣèlérí fún aláìsàn. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní bí Bàbá bá lè máa ṣọ́ ẹnu wọn, tí àwọn náà sì ń rí i pé à ń dì í ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta láìyẹ̀, wọn ò ní gé e.

Ẹ wá gbọ́. Kóòdù Luke ò já wa kulẹ̀ rí. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ gééré, bí mo ṣe ń kírun tán, ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé. Kò sí pupa kankan, kò sí báńkì, kò sí dọ́là. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yìn ín lójú mi. Orúkọ tó kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ló sì ń rán sí wọn. Ẹni tó lọ sílé Bàbá lónìí lè má jẹ́ ẹni tó máa lọ nígbà tó ń bọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń wo àlàfo tó wà láàárín. Màmá ì bá ti rí i, àmọ́ orúnkún ti ń dá wọn lóró, ọ̀dọ̀ aláìsàn tuntun nìkan ni wọ́n ń lọ. Ohun tó ń dé lásìkò bẹ́ẹ̀, ta ló máa rò pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀?

Ẹnìkan rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Ikúbọlájẹ́ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ṣé a ti gbàgbé àwọn ni, pé òní ló yẹ ká wá. Mo wo ohun tí kóòdù kọ, ọ̀la ni orúkọ wọn wà. Mo sọ fún wọn pé ọ̀la ni, pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣì í. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n kí mi, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún pè. Wọ́n ní, "Ṣùkúrát, mò ń kà á o. Ọjọ́ kẹrin lẹ máa ń wá, kì í ṣe ọjọ́ kẹta."

Ibí yìí ni mi ò fẹ́ dé, àmọ́ mo ti dé e. Ọjọ́ kẹrin. Mo rántí méjì tí mo fi sínú ẹ̀rọ tèmi. Mo mọ̀, lójú ẹsẹ̀, pé mẹ́ta ni Luke máa fi sí tirẹ̀. Mo lè dìde nígbà náà kí n rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ bá Màmá nínú yàrá kejì. N ò dìde. Ohun tí mo sọ lọ́kàn ara mi ni pé kó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń yìn ín fojú ara wọn rí i. Mo sọ fún Bàbá pé kì í ṣe èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà, pé màá bá wọn sọ ọ́. Fóònù mìíràn dún, mo gbé e. N ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì wa kan tó ń jẹ́ Fáìzàh pe Màmá tààrà láti Baṣọ̀run. Ó ní ẹsẹ̀ Bàbá ń rùn. Èmi àti Màmá wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Màmá fọwọ́ ara wọn tú ọgbẹ́ náà. Àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú láti àtàǹpàkò lọ sókè, Màmá sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà títí dé ojúgun. Wọ́n ní kí Fáìzàh pe ọkọ̀ tó máa gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn.

A ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí Màmá rí kàlẹ́ńdà lára ògiri. Bàbá ti fi bíírò pupa yí gbogbo ọjọ́ tí a wá ká. Wọ́n sì ti fi bíírò dúdú tọ́ka sí ọjọ́ tí wọ́n ń retí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì dúdú fi ọjọ́ kan ṣáájú pupa. Nígbà tó yá, Bàbá ò fi dúdú sí i mọ́. Màmá fi ìka kà á, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, wọ́n ń mi ètè. Ẹ̀yìn wọn ló kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Àwa ni. Àwa la ń pẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a ti wà ní Agbowó. Ariwo ẹ̀rọ fọ́tòkópì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Luke sì ń wá àga fún Màmá. Màmá ò jókòó. Wọ́n ní kó ṣí ohun tó kọ, kó fi ibi tó ti ń ka ọjọ́ han àwọn. Ó ṣí i. Ìlà kan ni. Ọjọ́ tí wọ́n di ọgbẹ́ kẹ́yìn, fi mẹ́ta kún un. Ó tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Màmá ṣe àkíyèsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, bí Màmá ṣe wí."

Màmá bi í pé, "Luke, kí ni ìjẹta?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú àná ni, mà."

"Ọjọ́ mélòó ló ti kọjá?"

"Méjì, mà."

"Ẹ̀ta ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Kí ló dé tí a ò fi èjì pè é?"

Mo rí i bí ó ṣe yé e, nítorí pé ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó sì wólẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá ní kó dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bi mí pé mélòó ni mo fi sí tèmi nígbà náà. Mo ní méjì ni. Luke wò mí. Ó lè sọ ọ́, pé òun bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun wò ó. Kò sọ ọ́. Ó jókòó, ó pa mẹ́ta rẹ́, ó kọ méjì, ó pa márùn-ún rẹ́, ó kọ mẹ́rin, ó pa mẹ́jọ rẹ́, ó kọ méje. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá Ikúbọlájẹ́ lábẹ́ orúnkún. Dókítà tó ṣe é bá Màmá sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má dá ara wọn lẹ́bi, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Bàbá ga, pé ó ṣeé ṣe kó já síbẹ̀ bó ti wù kí wọ́n dì í tó. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a jáde, wọ́n ní dókítà náà mọ̀wà hù, àmọ́ kì í ṣe òun ló ṣèlérí.

Wọ́n lè dákẹ́, ẹ gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àbúrò Bàbá ti ń sọ fún gbogbo ayé pé àtọ̀gbẹ ló gba ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Màmá kó èmi àti Luke lọ síbi tí Bàbá dùbúlẹ̀ sí, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dá wọn lóró yẹn, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: bí a ṣe yí kúrò nínú ẹ̀rọ kan sí òmíràn nítorí owó, bí àwọn ò ṣe bi ara àwọn léèrè ohun tó wà nínú èyí tuntun, bí ọjọ́ mẹ́ta ṣe di mẹ́rin. Luke ń sunkún. Bàbá ń wo òkè ilé.

Màmá wá ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lára ògiri, kí ló dé tí ẹ ò pè wá?"

Bàbá yíjú. Èmi ni wọ́n wò, kì í ṣe Màmá. Wọ́n wò mí títí, àánú sì wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Wọ́n bò mí láṣìírí. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ ló bo èmi tí mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró láṣìírí. Mo wá rí i pé bí n bá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, n ò ní lè kírun mọ́ láyé mi. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Mo ní, "Wọ́n pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè, èmi ni mo gbé e. Mo ní ẹ̀rọ kì í ṣì í." Màmá ò wo ọ̀dọ̀ mi.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ, Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ kọjá kí wọ́n dáhùn ìkíni. Mo ti di ẹrù mi. Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n pe èmi àti Luke jókòó. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn ò ní padà sórí ẹ̀rọ olówó dọ́là, nítorí ẹ̀rọ tó ń dákẹ́ ní ọjọ́ kẹtàlélógún náà lè pa èèyàn. Kóòdù Luke ni kó máa ránṣẹ́. Àmọ́ kó yọ iye ọjọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìwé onílà tí mo máa ń lò tẹ́lẹ̀ ni iye náà ń gbé báyìí, níbi tí èmi, Màmá àti nọ́ọ̀sì èyíkéyìí ti lè ṣí i kà, kóòdù á sì máa lọ kà á níbẹ̀ láràárọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kọ̀ọ̀kan a kọ ọ́ pé: dì í lọ́jọ́ Ajé, padà lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gbà ń sọ ọjọ́ tí wọ́n di ọgbẹ́ náà kẹ́yìn. Luke kọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú ìwé, ó kó ọ̀rọ̀ ìwọlé fún Màmá nínú àpòòwé, ó sì kọ́ Fáìzàh bí wọ́n ṣe ń tún un gbé dìde bó bá dákẹ́. Bí aláìsàn bá sì pè pé a pẹ́, fóònù Màmá ló ń lọ tààrà. Kì í wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó dùn mí, ó sì tọ́ sí mi.

Wọ́n tún ní ọ̀kan kù. Bàbá ti padà sílé, ojú abẹ náà sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí n máa bá Fáìzàh lọ, kí n máa gbé abọ́ dání.

Mò ń lọ. Èyí tó kẹ́yìn tí mo máa sọ fún yín ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ tí mo lọ. Fáìzàh ń fọ ọwọ́ nínú ilé. Bàbá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n tẹ́ aṣọ lé itan, ìwé ìròyìn tí ẹnìkan bá wọn rà wà nílẹ̀. Wọ́n ní kí n ka ọjọ́ fún àwọn lára kàlẹ́ńdà. Mo fi ìka lé Ajé, mo ní ọ̀kan. Mo fi lé Ìṣẹ́gun, mo ní èjì. Mo fi lé Ọjọ́rú, mo ní ẹ̀ta.

Bàbá ní, "Lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ṣé o mọ̀ ọ́n kà báyìí?"

N ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mo wo ìkóríta láti ojú fèrèsé, níbi tí àwọn ojúgbà wọn dúró sí nídìí ìwé ìròyìn.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo mọ̀ ọ́n kà."

Wọ́n mi orí díẹ̀. Wọ́n na bíírò pupa sí mi kí n fi yí ọjọ́ náà ká, wọ́n sì pe Fáìzàh pé kó máa bọ̀.